Orí Keje: Fífi Ọ̀pọ̀ Sífíì Wé Àlàyé Iṣẹ́ Kan Pẹ̀lú Tábìlì Máàkì

Ní òpin orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

- yọ àwọn kókó tí a ó fi díwọ̀n sífíì jáde láti inú àlàyé iṣẹ́;
- pín ìwúwo fún àwọn kókó náà, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi pín in bẹ́ẹ̀;
- fún sífíì ní máàkì, ṣe àpapọ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni méjì kò tó ohun tí a lè gbára lé.

7.1 Kí ni tábìlì máàkì?

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti wọ UNILAG ti bá irú tábìlì yìí pàdé. Yunifásítì náà máa ń ro èsì mẹ́ta pọ̀: ti JAMB kó 50 nínú 100, ti ìdánwò àṣewọlé yunifásítì fúnra rẹ̀ kó 30, èsì WAEC tàbí NECO sì kó 20. Ẹni tó gba 280 nínú 400 ní JAMB, a ó fi 8 pín in, yóò di 35 nínú 50. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n wọn kò kà wọ́n dọ́gba. Iye tí a gbà kí kókó kan kó nínú àpapọ̀ ni a ń pè ní ìwúwo.

A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún sífíì náà. Nígbà tí a bá ń fi owó Báǹkì Àgbáyé gba agbaninímọ̀ràn síṣẹ́, ìlànà báǹkì náà ni pé kí a fún sífíì àwọn onímọ̀ ní máàkì lórí kókó mẹ́ta: ẹ̀kọ́ àti ìrírí gbogbogbòò, bí ẹni náà ṣe bá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an mu, àti bí ó ṣe mọ agbègbè náà sí. Bíbá iṣẹ́ mu ni ó ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Ìwé ẹ̀rí gbogbogbòò wà níbẹ̀, àmọ́ ó jìnnà sí i lẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni ojú máa ń ṣe bí a bá kàn ń ṣí sífíì wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé ẹ̀rí ńlá ni yóò kọ́kọ́ gba ojú, iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe rí yóò sì fara pamọ́ sí ojú ewé kejì.

7.2 Àlàyé iṣẹ́ tí a ó lò

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ilásamàjà, ní Èkó, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò mú un láti ara iléeṣẹ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá. Oúnjẹ inú agolo, mílíìkì àti ohun mímu ni wọ́n ń kó wọlé láti ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é, wọn a sì máa pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri Òkòtà, Mafolúkù àti Èjìgbò. Wọ́n ń wá sítọ́kípà. Àlàyé iṣẹ́ tí wọ́n kọ nìyí:

> Sítọ́kípà yóò máa gba ọjà wọlé, yóò máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, yóò sì máa ka gbogbo ọjà ní ìparí oṣù. Orí kọ̀ǹpútà ni a ń kọ àkọsílẹ̀ wa sí. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni ó kọ́kọ́ jáde. Yóò máa darí aláàárù mẹ́rin. Aago méje àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ ní WAEC tàbí NECO, kí ó sì yege nínú Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní OND tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wù wá.

Sífíì márùn-ún ni ó wọlé. A ó pe àwọn tó kọ ọ́ ní A, B, D, E àti Ẹ.

7.3 Ohun kànńpá yàtọ̀ sí kókó

Kí a tó ṣí sífíì kankan, a ó pín ohun tó wà nínú àlàyé iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ohun kànńpá, ìyẹn ohun tí ẹni tí kò bá ní i kò lè ṣe iṣẹ́ náà rárá. A kì í fún ohun kànńpá ní máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, méjì péré ló wà: èsì WAEC tàbí NECO tó ní Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ẹni náà lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.

Àwọn agbaniṣíṣẹ́ sábà máa ń kó ohun púpọ̀ sábẹ́ kànńpá. Wọn á kọ ọ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ìrírí ọdún márùn-ún, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ohun tó burú nínú ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Ìbéèrè tí a ó fi dán ohun kànńpá wò ni pé: bí a bá rí ẹni tó dára nínú gbogbo nǹkan yòókù, tí kò sì ní èyí, ṣé a ó lé e lọ lóòótọ́? Bí a kò bá ní lé e, kókó ni, kì í ṣe kànńpá.

Ẹni tí a pè ní Ẹ kò kọjá ibí yìí. Sífíì rẹ̀ fi hàn pé ó ṣì ń lọ sí kíláàsì HND lójúmọmọ, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Àwọn mẹ́rin yòókù kọjá, àmọ́ D kò kọ èsì Ìṣirò rẹ̀ sínú sífíì. Ohun tí a kò kọ kì í ṣe ohun tí a kò ní. Fóònù ni a ó fi pè é láti béèrè, kí a tó lé ènìyàn lọ lórí ìlà kan tí ó gbàgbé. Wọ́n pè é, èsì náà sì wà.

Ibi tí ènìyàn ń gbé kò sí lára kànńpá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó máa ń kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì. Ẹ̀rù súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ó ń bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2020 ni ọkọ̀ BRT ti ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Abúlé-Ẹ̀gbá dé Òṣòdì, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ sì lè tètè dé ju ẹni tó súnmọ́ tòsí tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Dídé ní aago méje ni iṣẹ́ náà béèrè. Òun gan-an ni kí a bi ẹni náà.

7.4 Pínpín ìwúwo

Ohun tó kù nínú àlàyé iṣẹ́ lẹ́yìn kànńpá ni kókó. Márùn-ún ni a rí yọ:

1. kíkọ àkọsílẹ̀ ọjà àti kíka ọjà;
2. lílo kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀;
3. títọ́jú ọjà tí ó ní ọjọ́ ìbàjẹ́;
4. dídarí ènìyàn;
5. ẹ̀kọ́ tó kọjá WAEC.

Márùn-ún tàbí mẹ́fà tó. Bí kókó bá ti ń pọ̀ sí i, kékeré ni èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí gbà, àwọn kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà. Ẹni tó bá fi "iye ọdún ìrírí" kún àwọn márùn-ún yìí ti ka kókó kìíní lẹ́ẹ̀mejì, nítorí inú àwọn ọdún ọ̀hún náà ni ènìyàn ti kọ àkọsílẹ̀ ọjà. Ìwúwo kókó náà yóò pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀.

Láti pín ìwúwo, ẹ mú 20 ọmọ ayò, kí ẹ sì pín in sórí bébà márùn-ún tí ẹ kọ kókó sí. Ó rọrùn ju kí a máa pín 100 lọ: ẹni tó ní ọmọ ayò lọ́wọ́ yóò rí i pé bí òun bá fi kún ibì kan, òun gbọ́dọ̀ yọ ọ́ níbòmíràn. Ìbéèrè méjì ni yóò tọ́ ọwọ́ yín sọ́nà. Àkọ́kọ́: bí ẹni tí a gbà kò bá mọ nǹkan yìí, kí ni yóò bàjẹ́? Èkejì: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí a tó kọ́ ọ? Ohun tí àìmọ̀ rẹ̀ ń náni lówó púpọ̀, tí kíkọ́ rẹ̀ sì pẹ́, ni kí ó gba ọmọ ayò tó pọ̀ jù.

Ní Ilásamàjà, àkọsílẹ̀ tí kò bá ọjà tó wà nílẹ̀ mu ni ó ń mú kí owó sọnù láìsí ẹni tó mọ ibi tó gbà. Ìwà ìfarabalẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó gba 7. Kọ̀ǹpútà gba 5. Ọjọ́ ìbàjẹ́ gba 4, nítorí páálí mílíìkì tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ti di òfò. Dídarí ènìyàn gba 2, torí pé mẹ́rin péré ni àwọn aláàárù náà, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí sì wà nítòsí. Ẹ̀kọ́ gba 2, nítorí àlàyé iṣẹ́ sọ pé yóò wu àwọn, kò sọ pé dandan ni.

Kí a tó ṣí sífíì àkọ́kọ́ láti yẹ kànńpá wò ni kí ìwúwo yìí ti wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú déètì lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí sífíì kan tó wù ú kì yóò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ti ọmọ ayò lọ sí ibi tí ẹni náà ti lágbára.

7.5 Àtẹ̀gùn máàkì

Ìwúwo ń sọ bí kókó kan ti ṣe pàtàkì tó. Àtẹ̀gùn máàkì ń sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ rí nínú sífíì kí a tó fún ẹni náà ní 0, 1, 2 tàbí 3. Bí kò bá sí àtẹ̀gùn, 2 ẹnìkan yóò jẹ́ 3 ẹlòmíràn.

Fún kókó kìíní sí ìkẹrin, àtẹ̀gùn kan náà ni a ó lò:

- 0: kò sí ohunkóhun nípa rẹ̀ nínú sífíì.
- 1: ó kàn sọ pé òun mọ̀ ọ́n tàbí pé òun lè ṣe é.
- 2: ó ṣe é níbì kan tí ó dárúkọ, ní àkókò tí ó dárúkọ.
- 3: bíi ti 2, ó sì ṣàlàyé bí ó ti ṣe é, iye tí ó ṣe, tàbí ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Fún ẹ̀kọ́: 0 ni WAEC nìkan, 1 ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú nípa iṣẹ́ sítọ́ọ̀, 2 ni OND tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, 3 ni OND tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣirò owó tàbí ọjà rírà àti ìpamọ́. Ẹ kíyè sí i pé dígírì nínú ẹ̀kọ́ mìíràn kò ju 2 lọ. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni a fi ń wọn ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe bí orúkọ rẹ̀ ti tóbi tó.

Ìpele 1 ni ó wúlò jù fún agbègbè wa. Ọ̀pọ̀ sífíì ni wọ́n ń tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì ní gbólóhùn tí ó ń lẹ̀ mọ́ ti gbogbo ènìyàn: "Mo lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ mi, mo sì mọ kọ̀ǹpútà dáadáa." Bí gbólóhùn kan náà bá hàn nínú sífíì mẹ́ta láti ọwọ́ ẹni mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé onítáípù ni ó sọ̀rọ̀. Àtẹ̀gùn wa kò fi ìyà jẹ ẹni tó ni sífíì nítorí rẹ̀, kò sì san ẹ̀san fún un ju 1 lọ.

7.6 Fífún sífíì ní máàkì

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan tí kò ní fúnni ní máàkì yóò bo orúkọ, fọ́tò, ìpínlẹ̀ ìbí, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Sífíì ilẹ̀ wa kún fún wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú àlàyé iṣẹ́. Ìdí tí a fi ń bò wọ́n ju ìwà pẹ̀lẹ́ lọ. Ní ọdún 2004, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan gbé ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sífíì àròsọ ránṣẹ́ sí àwọn tó polówó iṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Orúkọ ni wọ́n yí padà. Sífíì tó jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ funfun rí ìpè gbà ní ìdajì ju ti èyí tó jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní Òkòtà àti Ìsọlọ̀, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti ẹ̀yà mìíràn ti ń wáṣẹ́ pọ̀, orúkọ lórí sífíì náà kì í dákẹ́.

Kókó ni kí ẹ máa tẹ̀lé, ẹ má ṣe tẹ̀lé ènìyàn. Ẹ ka kókó kìíní nínú sífíì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ máàkì rẹ̀, kí ẹ tó lọ sí ìkejì. Ẹni tó bá ka sífíì kan látòkè délẹ̀, ohun rere tó kọ́kọ́ rí yóò máa tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìyókù. Daniel Kahneman rí èyí ní ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ísírẹ́lì. Ó sọ fún àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ogun tuntun lẹ́nu wò pé kí wọ́n ṣe ìbéèrè lórí ìwà mẹ́fà, lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n sì kọ máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó kọjá sí òmíràn. Àbájáde rẹ̀ sàn ju ti ìdájọ́ àpapọ̀ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú sífíì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

*A* ní dígírì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì fún ọdún méjì, níbi tí ó ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Sífíì rẹ̀ ló dára jù lójú. "Mo mọ Excel dáadáa." "Olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, 2019 sí 2021."

*B* ní OND nínú ìṣirò owó. "Sítọ́kípà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Òkòtà, 2020 sí 2023. À ń ka oríṣi ọjà 600 ní ìparí oṣù, mo sì ń kọ ibi tí kò bá ti dọ́gba fún akáúńtáǹtì. Excel ni mo fi ń kọ ọ́." Nípa ọjọ́ ìbàjẹ́, ó kàn sọ pé òun ní òye rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa dídarí ènìyàn.

*D* ní WAEC. Ojú ewé kan péré ni sífíì rẹ̀. "Dípò ohun mímu ní Ìsọlọ̀, 2015 sí 2023. Káàdì wà lórí òkìtì ọjà kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí i. Bí a bá ka ọjà, kì í ju páálí méjì lọ tí kò bá àkọsílẹ̀ mu. Ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀ ni mo ń tò síwájú. Aláàárù mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi, èmi ni mo ń pín iṣẹ́ fún wọn láràárọ̀." Kò dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá.

*E* ní HND nínú ọjà rírà àti ìpamọ́. "Sítọ́ọ̀ oògùn ní Mafolúkù, 2022 sí 2023. Mo ń gba ọjà wọlé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ń yẹ ọjọ́ ìbàjẹ́ wò. Mo ṣe tábìlì kan ní Excel tó ń pọ́n nígbà tí oògùn kan bá fẹ́ tán." "Mo lè darí ènìyàn."

Ẹni méjì ni yóò fún wọn ní máàkì, kálukú lọ́tọ̀, láìwo ìwé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi wé ara. Bí wọ́n bá fi 1 ju ara wọn lọ, wọ́n lè sọ ọ́ níwọ̀nba. Bí ó bá tó 2, kí wọ́n padà sí gbólóhùn tó wà nínú sífíì. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí fún D ní 1 lábẹ́ àkọsílẹ̀, akáúńtáǹtì sì fún un ní 3.

"Káàdì ló fi ń kọ ọ́," ni ọ̀gá sọ. "Ayé ti kọjá ibẹ̀."

"Ẹ ti fún un ní òdo lábẹ́ kọ̀ǹpútà, sà," ni akáúńtáǹtì dá a lóhùn. "Ẹ ò lè nà án lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo."

Akáúńtáǹtì ni ó jàre. Kókó kìíní ń béèrè bóyá ènìyàn ń kọ ọjà sílẹ̀ tí ó sì ń kà á. Ohun tí ó fi kọ ọ́ ní òpó tirẹ̀. Wọ́n fi D sí 3.

7.7 Ṣíṣe àpapọ̀

Máàkì kọ̀ọ̀kan ni a ó fi ìwúwo rẹ̀ sọ di púpọ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí pé 20 ni ìwúwo, tí 3 sì ni máàkì tó ga jù, 60 ni òkè.

| | Àkọsílẹ̀ | Kọ̀ǹpútà | Ọjọ́ ìbàjẹ́ | Dídarí | Ẹ̀kọ́ | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|---|---|
| Ìwúwo | 7 | 5 | 4 | 2 | 2 | |
| A | 0 | 1 | 0 | 2 | 2 | 13 |
| B | 3 | 2 | 1 | 0 | 3 | 41 |
| D | 3 | 0 | 3 | 3 | 0 | 39 |
| E | 2 | 3 | 2 | 1 | 3 | 45 |

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti E ní kíkún: 7 lọ́nà 2 jẹ́ 14, 5 lọ́nà 3 jẹ́ 15, 4 lọ́nà 2 jẹ́ 8, 2 lọ́nà 1 jẹ́ 2, 2 lọ́nà 3 jẹ́ 6. Àpapọ̀ jẹ́ 45.

Bí ẹ bá tẹ tábìlì yìí sínú Excel láti òpó A dé G, tí àkọlé wà ní ìlà kìíní, tí ìwúwo sì wà ní ìlà kejì, ohun tí ẹ ó kọ sínú G3 nìyí, kí ẹ tó fà á sísàlẹ̀:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$F$2,B3:F3)
```

Àmì dọ́là ni ó ń mú kí ìlà ìwúwo dúró síbi tó wà nígbà tí ẹ bá ń fà á. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, Excel yóò fi máàkì A ṣe ìwúwo fún B, nọ́ńbà yóò jáde, kò sì ní sọ fún yín pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa fi ọwọ́ ṣírò ìlà ìkẹyìn kí ẹ sì fi wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

7.8 Ṣé E ni ó borí lóòótọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń tètè fi tábìlì sílẹ̀. Wọ́n rí 45, wọ́n sì pe E. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò méjì.

Ìdánwò kìíní wà fún máàkì. Ẹ wo ìwúwo tó tóbi jù: 7 ni. Ìyẹn ni pé bí ẹni tó ń fúnni ní máàkì bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lábẹ́ kókó kìíní, àpapọ̀ yóò yí ní 7. Ìyàtọ̀ èyíkéyìí tí kò bá tó 7 kì í ṣe ìyàtọ̀ tí a lè fi búra. E fi 4 ju B lọ, ó sì fi 6 ju D lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìsọ̀rí kan. Sífíì A fi 26 rẹlẹ̀ sí ti D, kò sì sí àṣìṣe kékeré tó lè gbé e débẹ̀.

Ìdánwò kejì wà fún ìwúwo. Ẹ mú ọmọ ayò kan kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi í sórí ọjọ́ ìbàjẹ́, kí ìwúwo di 7, 4, 5, 2, 2. E di 44, D di 42, B di 40. D ti kọjá B. Ẹ tún mú ọ̀kan sí i, kí ó di 7, 3, 6, 2, 2. D di 45, E di 43, B di 39. D ti di ẹni àkọ́kọ́. Ipò A kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀: 13, 12, 11.

Ohun tí ìdánwò yìí fi hàn kò sí nínú àpapọ̀ àkọ́kọ́. Yíyàn láàárín D àti E dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni kọ̀ǹpútà ti ṣe pàtàkì tó sí ọjọ́ ìbàjẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí yìí? Ọ̀gá lè dá a lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé tábìlì kan náà ni wọ́n ń kún lójoojúmọ́, tí a sì lè fi hàn D láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwúwo 5 ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé sítọ́kípà ni yóò máa ṣe ìròyìn oṣooṣù fún àwọn tó ń fi ọjà ránṣẹ́, 5 tọ́.

Ẹ má rò pé a gbọ́dọ̀ wá ìwúwo tó pé pérépéré kiri. Ní ọdún 1979, Robyn Dawes, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá tilẹ̀ fún gbogbo kókó ní ìwúwo kan náà, àpapọ̀ wọn sábà máa ń sọ àbájáde dáadáa ju ìdájọ́ tí onímọ̀ fi ojú inú ṣe. Ẹ dán an wò lórí tábìlì wa: láìsí ìwúwo, A ní 5, B àti D ní 9, E ní 11. Àwọn mẹ́ta náà ló ṣì wà lókè. Yíyan kókó tó tọ́, àti lílo àtẹ̀gùn kan náà fún gbogbo ènìyàn, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

7.9 Ohun tí tábìlì kò lè sọ

Sífíì ni a fún ní máàkì, a kò tíì fún ènìyàn ní máàkì. Òdo tí B gbà lábẹ́ dídarí kò túmọ̀ sí pé kò lè darí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni 3 tí D gbà kò túmọ̀ sí pé òtítọ́ ni páálí méjì tí ó sọ. Lílo tábìlì parí síbi tí a ti mọ ẹni tí a ó pè, àti ohun tí a ó bi í. B, D àti E ni wọ́n pè ní Ilásamàjà. Wọ́n bi B nípa àwọn tó bá ṣiṣẹ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú D pẹ̀lú ìwé ọjà kan, wọ́n ní kí ó tẹ ìlà mẹ́wàá. Wọ́n fún E ní káàdì ọjà tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan sí, wọ́n ní kí ó wá a jáde. Ibi tí sífíì kọ̀ọ̀kan ti gba máàkì tó kéré, tàbí tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìrí ẹ̀rí, ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà pé kókó pàtàkì kan wà tí àlàyé iṣẹ́ kò dárúkọ, kí wọ́n tún àlàyé iṣẹ́ náà kọ, kí wọ́n tún ìwúwo pín, kí wọ́n sì tún gbogbo sífíì fún ní máàkì, títí kan ti A. Fífi kókó kún un fún ẹnìkan ṣoṣo ba tábìlì náà jẹ́.

Ìdánrawò

1. Ẹ yí ìwúwo padà sí 6, 6, 4, 2, 2, kí ẹ sì tún àpapọ̀ ṣe. (Ìdáhùn: A 14, B 40, D 36, E 46.) Èwo nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni kò tó ohun tí a lè gbára lé?

2. F kọ ọ́ sínú sífíì rẹ̀ pé: "Mo ṣe sítọ́ọ̀ rí, mo sì jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀." Máàkì mélòó ni yóò gbà lábẹ́ kókó kìíní? Gbólóhùn wo ni ìbá kọ kí ó lè gba 2? Èwo ni ìbá fún un ní 3?

3. Ọ̀gá kan fẹ́ fi "ìmọ̀ oúnjẹ inú agolo" kún kókó márùn-ún wa. Ẹ ṣàlàyé kókó tí yóò bá sọ ohun kan náà, àti ohun tí yóò ṣe sí ìwúwo rẹ̀.

4. Ẹ wá àlàyé iṣẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní agbègbè yín. Ẹ yọ ohun kànńpá rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ yọ kókó tí kò ju mẹ́fà lọ, kí ẹni méjì sì pín 20 ọmọ ayò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ẹ bá ti yàtọ̀ síra ní ọmọ ayò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kálukú kọ ohun tó rò pé yóò bàjẹ́ bí ẹni tí a gbà kò bá mọ nǹkan náà.